Kẹ́ẹ̀gì Méjìlá Lórí Ọ̀dà

Bí ẹ bá kọjá ní Ìkéré lójú títì tó ti Adó lọ sí Àkúrẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, tí ẹ sì rí ọkùnrin kan tó ń da omi kẹ́ẹ̀gì sójú ọ̀dà gbígbẹ bí ìyàwó tuntun tó ń fọ ilé ìyá ọkọ, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mọ ẹni náà. Èmi ni. Owó ara mi ni mo fi ra omi náà. Kò sí ẹni tó fi àdá tì mí lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ló fà á. Màmá kan kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sẹ́bàá títì, ó pín in sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé sáìnbọ́ọ̀dù ńlá oníná lé e lórí. Lábẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù yìí ó tún so pátákó kékeré kan mọ́ ọn, irú èyí tí ọ̀rọ̀ pupa máa ń rìn kọjá lójú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ó ti rí kàlẹ́ńdà ẹnì kan láti Èkó: ilé ìtajà lóru, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, iná sáìnbọ́ọ̀dù náà dà sílẹ̀ lójú títì bí epo pupa tó dà nínú agbada, iná ọkọ̀ sì nà gbọọrọ láàárín rẹ̀. Ó fi kàlẹ́ńdà náà hàn mí, ó fi ìka tẹ ojú títì inú rẹ̀.

“Èyí ni mo fẹ́. Kí iná ilé mi máa tàn nínú títì. Ṣé o lè ṣe é?”

Ibi tó yẹ kí n ti sọ pé “Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná” nìyí. Ohun tí mo sọ ni pé, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ Ìsẹ̀ ni mí.”

Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé mò ń kí i ni. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ní ọmọ Ìsẹ̀ lòun nídìí iṣẹ́ ọnà, Ọlọ́wẹ̀ ló ń sá sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkéré níbí, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ òyìnbó ìjọba tí wọ́n rù wọ̀lú nínú àga sára ilẹ̀kùn náà, àti Ògògà tó jókòó tó ń dúró dè é. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá wọn ní Wembley ní 1924, wọn kò fẹ́ dá a padà mọ́. Wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn pààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Ọlọ́wẹ̀ máa ń gbẹ́ àwọn ère rẹ̀ kí wọ́n yọ síta gan-an lára pátákó, débi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, òjìji ara wọn ni wọ́n á máa fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó mọ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo fi orúkọ rẹ̀ gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ Màmá, títẹ kámẹ́rà ni mo mọ̀ nígbà náà, n kò tíì mọ ìmọ́lẹ̀.

Alẹ́ ni Màmá wí, alẹ́ ni mo sì lọ. Aago mẹ́jọ kọjá kí n tó dé. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, títì ṣì tutù díẹ̀, inú mi dùn. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Mo wá dá ara mi lẹ́kọ̀ọ́ pé ọkọ̀ tó ń sáré kò gbọdọ̀ rí jáujàu nínú fọ́tò, nítorí náà mo fi ìyára kámẹ́rà sí 1/1000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti ń rẹ́rìn-ín. Lóru, ìmọ́lẹ̀ tó lè wọ inú kámẹ́rà láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kò tó èyí tí ẹyẹlé á fi ṣa ọkà. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá wá ìmọ́lẹ̀, ó gbé ISO lọ sí 12800, fọ́tò náà sì ṣe hẹ́rẹhẹ̀rẹ bí gàrí tí wọn kò kù. Ògiri ilé Màmá ṣókùnkùn, sáìnbọ́ọ̀dù ńlá orí rẹ̀ sì funfun báláú, lẹ́tà kan ṣoṣo kò hàn níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú sáìnbọ́ọ̀dù jáde ju ìmọ́lẹ̀ tó wà lára ògiri lọ ní ìlọ́po púpọ̀, kámẹ́rà kò sì lè fi ojú kan ṣoṣo rí méjèèjì bí ojú ènìyàn ti ń rí i. Bí ọ̀run bá ti dúdú tán, kò tún sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí yóò ran ògiri lọ́wọ́.

Ti pátákó kékeré tó ń sọ̀rọ̀ ló burú jù. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni E KU ALE, E WOLE WA RAJA, láìsí àmì ohùn kankan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀. Àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ kì í tàn pa pọ̀. Ìlà kan á tàn, á kú, èyí tó tẹ̀ lé e á tàn, kíákíá débi pé ojú wa a kó gbogbo rẹ̀ jọ bí ẹni pé wọn kò kú rí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó bá yára ju bí wọ́n ṣe ń yí po lọ, ìwọ̀nba ìlà tó ń tàn lọ́wọ́ ni yóò mú. Nínú bí ọgbọ̀n fọ́tò tí mo yà, lẹ́tà inú pátákó náà dà bí èyí tí ikán jẹ. Òmíràn kò lórí, òmíràn kò nídìí.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo dín ìyára náà kù sí 1/250, bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì. Ìyẹn ló mú lẹ́tà pé pérépéré. Inú mi dùn, n kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí Wásáàpù lóru náà.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni fóònù mi dún.

“Ọmọ Ìsẹ̀.”

“Màmá, ẹ káàárọ̀ mà.”

“Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

Mo sáré wo fọ́tò náà. Ọ̀rọ̀ inú pátákó máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ti wọlé nígbà tí mo tẹ kámẹ́rà. Ohun tó wà lórí ilé tuntun Màmá, ní pupa fòò, lẹ́tà rẹ̀ pé kò kù síbì kan, ni E KU.

“Màmá, ‘ẹ kú alẹ́’ ni o. Alẹ́ ni kò tíì wọlé.”

“Alẹ́ kò tíì wọlé? Ṣé kì í ṣe alẹ́ lo yà á ni?”

Ta ni yóò fèsì sí ìyẹn?

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́, mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní fọ́tò alẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń yà lóru. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń yà á, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró. Ní àsìkò yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ọ̀run àti iná sáìnbọ́ọ̀dù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ògiri á hàn, lẹ́tà á hàn, ẹni tó bá sì rí fọ́tò náà á búra pé òru dúdú ni. Ṣùgbọ́n àsìkò náà kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní ìlú àwọn òyìnbó, oòrùn ń rọra yọ̀ gẹ̀gẹ́rẹ́ lọ sábẹ́ ilẹ̀ ni, àwọ̀ aró yẹn á dúró pẹ́. Tiwa ń já lulẹ̀ tààrà bí ẹyìn tó jábọ́ látorí igi. Ní oṣù Kẹwàá, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Ìkéré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dára, tí yóò bá sì fi di aago méje ku mẹ́wàá, ó ti tán.

Ìṣòro kan wà: aago méje géérégé ni Màmá ń tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dá tó ń mú un yí i padà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo fi owó epo wákàtí kan lé e lọ́wọ́ kó tó gbà láti tan iná ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Owó kìíní tó jáde lápò mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí a fi àdéhùn sí, òjò ṣú. Ó ṣú débi pé orí òkè Olósùnta kò hàn mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti lọ ya òkè náà fún ẹnì kan, oòrùn mú, àpáta ń dán yanran, iṣẹ́ náà sì lọ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí èmi kò fi sọ́kàn. Nígbà tí aago márùn-ún lù, òjò náà ṣí nídìí, ó gba orí wa kọjá. Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi pè é láti Emùré pé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn bí ẹni da omi láti inú agbè. Ní Ìkéré, eruku ló ń jà.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ṣé omi kọ́ ni òjò? Mo pe ọmọkùnrin kan tó ń fi ọmọlanke ta omi. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 ló ń gbé, méjìlá sì ló kù lórí ọmọlanke rẹ̀. Mo ṣe ìṣirò lórí páálí sìgá: méjìlá lọ́nà 25 jẹ́ 300 lítà. Lítà omi kan, bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, á bo mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, yóò sì nípọn tó mìlímítà kan. Títì náà fẹ̀ tó mítà méje àti díẹ̀, nítorí náà omi mi á bo bí ogójì mítà lójú títì, láti iwájú ilé Màmá dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo yin ara mi. Mo ní kó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èmi náà sì ká ṣòkòtò sókè, mo gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi.

Ìṣirò mi kò ní àléébù. Títì ló ní. Àwọn tó ń ṣe títì kì í tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí òjò lè ṣàn sí gọ́tà lápá méjèèjì, omi tí mo fowó rà náà sì mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Kí n tó da kẹ́ẹ̀gì kẹfà tán, ti kìíní ti wọ gọ́tà. Ọ̀dà tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀ sì gbóná, ó ń fa èyí tó kù mu bí ẹni gbààwẹ̀. Òjò gidi máa ń rọ̀ fún bí wákàtí kan lójú ibì kan náà, kò dá dúró. Mo kàn fi omi bẹ títì wò ni.

Bàbá kan jáde láti ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Màmá. Ó wò wá títí. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ìrẹsì lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀ ni?”

“Rárá, Bàbá. Fọ́tò ni a fẹ́ yà.”

Ó mi orí, ó padà wọlé. Kò pẹ́ tó tún fi jáde, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ dání.

Nígbà tí iná Màmá tàn, mo ti gun orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìyá kan tó ń ránṣọ lódì kejì títì, ó gbà mí láàyè láti dúró sí fàráǹdà òkè. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀run ní àwọ̀ aró bí ọ̀rẹ́ mi ṣe wí. Sáìnbọ́ọ̀dù mọ́ roro, lẹ́tà rẹ̀ hàn. Mo wo inú kámẹ́rà, mo wo títì. Títì dúdú kirikiri bí èédú. Kò sí iná kankan nínú rẹ̀.

Mo kígbe sí ọmọ iṣẹ́ mi nísàlẹ̀ pé, “Da omi sí i!”

“Ọ̀gá, omi wà níbẹ̀! Ó ń dán!”

“Níbo ló ti ń dán? Mo ní kí o da omi sí i!”

Ó da kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó kù. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ rọra fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó bú wa ní ìbú tó gba gbogbo ìran wa. Títì inú kámẹ́rà mi kò yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe ibẹ̀ ni kò dára, bóyá wọn kò po ó dáadáa, bóyá ibòmíràn ló yẹ kí Màmá kọ́ ilé sí. Mo rò pé mo tilẹ̀ dárúkọ ayé.

Ọmọ iṣẹ́ mi gun òkè wá. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ní sùúrù ju èmi lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ojú lásán wo títì. “Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ń dán.” Mo gbójú kúrò lára kámẹ́rà. Lóòótọ́, iná pupa àti àwọ̀ ewé sáìnbọ́ọ̀dù Màmá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń mì lẹ́lẹ́. Mo tún wo inú kámẹ́rà: èédú. Ara mi bù máṣọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu kámẹ́rà, ó fi ìka méjì mú òrùka kan tó wà níbẹ̀, ó sì yí i. Gbogbo iná tó sọnù nínú títì wá yọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí ń ṣe?”

Polaráísà ni. Gíláàsì dúdú tí mo fi ya Olósùnta láàárọ̀ ni. N kò yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìtìjú mi dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ a máa gbọ̀n sókè-sódò, a sì máa gbọ̀n sọ́tùn-ún-sósì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan omi ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí omi dá padà máa ń gbọ̀n sí apá kan ju ìkejì lọ, polaráísà sì dà bí ọgbà tí à ń fi ọ̀pá ìnàró ṣe: ohun tó bá dúró lóròó á kọjá, èyí tó bá gbé ara rẹ̀ ní ìbú kò ní lè wọlé. Bí a bá yí òrùka rẹ̀ síbi tó yẹ, yóò dí ọ̀nà mọ́ ìmọ́lẹ̀ tí omi dá padà. Ìdí tí mo fi ń lò ó fún àpáta nìyẹn, kó lè pa dídán ara rẹ̀. Tí o bá ń wo omi láti òkè ní ìdágẹ̀rẹ́ ìwọ̀n dígírì 37, tó jẹ́ pé o ga ní mítà mẹ́fà, tí ibi tí omi wà sì jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé rẹ ní mítà mẹ́jọ, níbẹ̀ gan-an ni agbára polaráísà pé jù. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan kò ní ṣẹ́kù. Fàráǹdà ìyá aránṣọ ga tó mítà mẹ́fà. Ibi tí mo dojú kámẹ́rà kọ jìnnà tó mítà mẹ́jọ. Bí mo bá gbé tépù dání láti wọn ibi tó burú jù lọ ní gbogbo Ìkéré fún ẹni tó gbàgbé polaráísà sẹ́nu kámẹ́rà, n kò lè bá ibòmíràn pàdé.

Ó wá tún kù. Gíláàsì náà ń jẹ ìmọ́lẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, ohun tó ń jẹ́ kó kọjá kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Nítorí náà gbogbo fọ́tò tí mo rò pé ó ṣókùnkùn nítorí pé ọ̀run ti ń dúdú, ọwọ́ ara mi ló ṣú u.

Mo yọ ọ́. Aago méje ku márùn-ún ti lù. Àwọ̀ aró ti tán lókè, omi ti tán nísàlẹ̀. Bàbá ìrẹsì gbóhùn sókè láti ìsàlẹ̀: “Ó ti hù?”

Ọjọ́ kẹta ni òjò gidi wá, ó rọ̀ láti aago mẹ́rin títí di aago mẹ́fà, ó sì dá bí ẹni pé ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, Màmá náà sì tún tan iná ṣáájú aago méje. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa polaráísà, mo fi í sílé, mo tì í mọ́ àpótí. Ọmọ iṣẹ́ mi tún bi mí léèrè pé kí ló dé tí a ó tún gun orí ilé. Ó ní bí òun ṣe ń bọ̀ láti òde Ọba, láti ọ̀nà jíjìn lójú títì, iná Màmá ti nà dé ẹsẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni, ó sì yẹ kó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀dà gbígbẹ rí ṣákaṣàka, ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án ń fọ́n káàkiri ni. Bí omi bá kún àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ tó sì borí wọn, ojú rẹ̀ á jọ̀lọ̀ bí dígí. Ṣùgbọ́n dígí omi yìí kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá dúró lókè fàráǹdà tó ń wò ó ní dígírì 37, nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó kan omi, bí mẹ́rin ló ń padà bá a. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn lójú títì tó bẹ́ẹ̀ tí ìdágẹ̀rẹ́ ojú rẹ̀ kò fi ju dígírì mẹ́sàn-án lọ, bí 38 ló ń padà bá a. Ìlọ́po mẹ́sàn-án àti díẹ̀ nìyẹn, láìra omi, láìbẹ ìyá aránṣọ. Sáìnbọ́ọ̀dù Màmá ga tó mítà mẹ́fà. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí kámẹ́rà mi fi sẹ̀ntímítà 30 ga kúrò nílẹ̀, tí mo sì jìnnà sí i tó ogójì mítà, dígírì mẹ́sàn-án náà nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ìdúró lọ, ṣùgbọ́n jíjìnnà ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó ti gbé 300 lítà omi mi lọ. Mo mọ̀ ọ́n lójú.

Àṣìṣe kan ṣì kù lọ́wọ́ mi. Mo ti jẹ iyán kí n tó jáde, iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹni tó bá ń retí òjò kò gbọdọ̀ retí rẹ̀ lébi. Ẹ̀kán omi kan kán sẹ́nu kámẹ́rà, mo fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi nù ún. Aṣọ tí mo fi nu ẹnu lẹ́yìn iyán ni. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yọ láti apá Adó, tó tan fúlù láìtì, iná rẹ̀ fà gbọọrọ láti igun kan dé igun kejì nínú fọ́tò, ní ìdábùú ọ̀nà tí mo gbà nù ún. Epo ọ̀pẹ tó tẹ́ pẹlẹbẹ lójú gíláàsì ló ń fa iná bẹ́ẹ̀. Mo fi ọṣẹ díẹ̀ àti omi mímu inú ọ̀rá fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ mímọ́ tí ọmọ iṣẹ́ mi mú dání nù ún. Ó ti mú un dání láti ọjọ́ kìíní. Kò sí ẹni tó bi í.

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá ọ ń da ìmọ́lẹ̀ funfun sí ọ lójú, yóò bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ń lọ ń fi iná ẹ̀yìn rẹ̀ fa ìlà pupa sínú omi, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Nítorí náà mo lọ sí apá tí ọkọ̀ ti ń fi ẹ̀yìn hàn mí lọ sí Àkúrẹ́, mo fi kámẹ́rà sí ISO 400, f/8, mo jẹ́ kó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ọkọ̀ tó ń rìn ní kìlómítà ogójì láàárín wákàtí á lọ tó mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìlà pupa náà á nà dáadáa. Pátákó tó ń sọ̀rọ̀ yóò di àbàwọ́n pupa nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, nítorí náà láìyí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta padà, mo tún ya ọ̀tọ̀ ní 1/30 fún pátákó nìkan. Mo dúró títí ALE fi wọlé. Ilé ni mo ti pa méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 42 ni mo ya èyí tó dára jù. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 43, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé pákó gba inú kòtò tó wà níwájú mi kọjá. Omi inú kòtò náà pọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì méjìlá lọ, mo lè jẹ́rìí sí i. Mo fi àyà bo kámẹ́rà. Kò sí ẹni tó fi nǹkan bo èmi.

Fọ́tò náà dára. N kò ní purọ́ nítorí ìrẹ̀lẹ̀. Ọ̀run rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, lẹ́tà sáìnbọ́ọ̀dù hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, pátákó kékeré ń kí ayé ní E KU ALE, ìlà pupa ọkọ̀ sì gba àárín títì lọ. Nísàlẹ̀, ó ju ìdajì fọ́tò náà lọ, ilé Màmá dorí kodò nínú ọ̀dà, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ nà wá dé ẹsẹ̀ ẹni tó ń wò ó. Màmá gbé e lọ́wọ́ títí kó tó sọ̀rọ̀. “Ọmọ Ìsẹ̀ ni ẹ́ lóòótọ́,” ló wí. Mo dọ̀bálẹ̀.

Oṣù Kejìlá ni kàlẹ́ńdà náà jáde. Màmá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, tó ká a, tó fi ríbọ́ǹnù so ó. Mo tú u níwájú ọmọ iṣẹ́ mi. Ilé náà wà lókè, sáìnbọ́ọ̀dù wà, ọ̀run wà. Níbi tí ilé ti pàdé títì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gé fọ́tò náà kúrò pátápátá, ó sì to oṣù méjèèjìlá sí ibẹ̀, ìlà mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó. Ó ní, “Ọ̀gá, wọ́n rí àyè to October dáadáa.”